Ìpè Tó Kú sí Ẹnu Ọ̀nà

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, iléeṣẹ́ SolarWinds tó wà ní ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ọjà rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Orion. Iṣẹ́ Orion ni láti máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì iléeṣẹ́: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ti kú, èwo ni ibi ìpamọ́ rẹ̀ fẹ́ kún. Àtúnṣe náà ní òǹtẹ̀ SolarWinds lára, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ni ọjà gan-an ni nǹkan ti wá. Kò sì parọ́, ọwọ́ SolarWinds ló ti wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn amí ti wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti ki ètò aṣebi bọ inú fáìlì kan tó ń jẹ́ SolarWinds.Orion.Core.BusinessLayer.dll. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún oníbàárà ló gbà á sórí sáfà wọn, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà sì wà lára wọn.

Nígbà tí ètò yìí dé orí sáfà, kò ṣe nǹkan kan. Ó sùn fún ọjọ́ méjìlá sí mẹ́rìnlá, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń yẹ àtúnṣe tuntun wò má baà rí ohun tó máa bà á lẹ́rù. Nígbà tó jí, ó wo àyíká rẹ̀, ó wò bóyá àwọn ètò ààbò kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ó sì bèèrè orúkọ api.solarwinds.com lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ìta ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá pe àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ìpè yẹn ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí òun ló pín àwọn tí ètò náà dé ọ̀dọ̀ wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí ìpè wọn jáde tán, tí àwọn amí sì wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn sì wà tí irú fáìlì kan náà wà lórí sáfà wọn, tí òǹtẹ̀ kan náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìpè náà kú sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹnì kan ti pinnu tipẹ́ pé sáfà yẹn kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níta.

Ìdí tí ètò aṣebi, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní málíwíà, fi gbọ́dọ̀ pe ìta kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó rán an kò lè kàn tẹ sáfà rẹ láago láti òkèèrè, nítorí fáyàwọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì máa ń dá ẹni tó bá ń ti ìta bọ̀ padà. Tí ìpè bá ti inú wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Fáyàwọ́ọ̀lù á rò pé ẹni ilé ló fẹ́ bá ará ìta sọ̀rọ̀, yóò ṣílẹ̀kùn fún un, yóò sì jẹ́ kí ìdáhùn gba ọ̀nà kan náà wọlé. Inú ìdáhùn yẹn ni àṣẹ máa ń wà: ka àwọn fáìlì inú ilé yìí fún mi, gba ètò mìíràn sórí sáfà, wá ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá àgbà. Láìsí ìdáhùn, málíwíà kò mọ ohun tó kàn.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí mo mọ̀ ló náwó gidi sí ohun tó ń wọlé, tí wọ́n sì fi ohun tó ń jáde sílẹ̀ láìbojú wò ó. Bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà ní Ìkejà àti Ìlúpéjú ti mọ ọgbọ́n yìí látọjọ́ pípẹ́: kì í ṣe àárọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń wọlé ni wọ́n máa ń tú àpò rẹ̀ wò dáadáa, ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ sílé ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpè Orion náà ní kíníkíní, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ ohun tó lè dá a dúró. Kò kọ́kọ́ pe àdírẹ́sì kankan tààrà. DNS ló lò, ìyẹn ìwé orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀rọ ló máa ń bèèrè lọ́wọ́ DNS pé, orúkọ báyìí, nọ́ńbà wo ló ń jẹ́? Málíwíà náà á ṣẹ̀dá orúkọ gígùn kan, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí lẹ́tà tí ọmọdé kàn ń tẹ̀ gbuurugbu, tí ìparí rẹ̀ sì máa ń rí báyìí:

```
appsync-api.eu-west-1.avsvmcloud.com
```

Ẹni tó bá sáré wò ó á rò pé ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́sì Amazon ni, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn amí ló ni avsvmcloud.com. Àwọn lẹ́tà gbuurugbu tó wà níwájú kì í sì í ṣe asán: wọ́n fi orúkọ nẹ́tíwọ̀kì iléeṣẹ́ náà pamọ́ sínú wọn. Bí ìbéèrè náà bá dé ọ̀dọ̀ DNS àwọn amí, wọ́n á tú u, wọ́n á sì mọ iléeṣẹ́ tó wà lórí ìlà. Wọ́n á wá yàn. Tí wọn kò bá fẹ́ iléeṣẹ́ yẹn, ìdáhùn tí wọ́n máa fún un ni nọ́ńbà kan tó túmọ̀ sí pé kí málíwíà náà dákẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ìyẹn ibùdó kejì. Ibùdó kejì yìí ni málíwíà náà máa wá pè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń pe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dà bí ìròyìn tí Orion fúnra rẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sí SolarWinds. Orí ìpè kejì yìí ni olè ti ń ṣẹlẹ̀.

Fún oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tó rí i. Iléeṣẹ́ ààbò kan tó ń jẹ́ FireEye ló tú àṣírí náà, nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnì kan ti forúkọ fóònù kejì sílẹ̀ ní orúkọ òṣìṣẹ́ wọn kan. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mẹ́sàn-án àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ aládàáni ni wọ́n wọlé tọ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n dárúkọ SVR, iléeṣẹ́ amí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden ti ìpínlẹ̀ Oregon wá béèrè ohun kan tó ṣe kókó lọ́wọ́ CISA, àjọ tó ń bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba ibẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá fáyàwọ́ọ̀lù lásán, tó bá dí gbogbo ìpè tó ń ti sáfà Orion lọ síta, ì bá ti dá iṣẹ́ ibi yìí dúró. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2021, CISA dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ì bá ti sọ málíwíà náà di aláìlágbára. Wọ́n fi kún un pé àwọn rí iléeṣẹ́ tó ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí ìpè náà sì forí ṣánpọ́n níbẹ̀, tí kò sí ohun tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba ló lè ṣe é, nítorí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Òótọ́ ni apá méjèèjì ìdáhùn yẹn. Apá kejì ni àwọn ènìyàn sì máa ń gbá mú láti fi ṣe àwáwí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń dẹ́rù bani ni pé, bí mo bá dí sáfà wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi kó má lè pe ìta, báwo ni àwọn oníbàárà ṣe máa rí i? Wọ́n á rí i. Fáyàwọ́ọ̀lù òde òní máa ń rántí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà kan ní Ọ̀ṣogbo bá ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ, òun ló pè, sáfà kàn ń dáhùn ni, ìdáhùn náà á sì kọjá. Ohun tí a ń dí ni kí sáfà fúnra rẹ̀ gbé fóònù. Ẹni tí ìyàtọ̀ yìí bá ti yé á rí i pé ọ̀pọ̀ sáfà kò nílò láti pe ìta ju bíi ibi méjì tàbí mẹ́ta lọ. Orion gan-an, inú ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ká fi iléeṣẹ́ kan tí a kàn rò lọ́kàn ṣe àpẹẹrẹ: ó ń ta oògùn òyìnbó ní òsùnwọ̀n ní Ìbàdàn, ó sì ní sáfà mẹ́ta. Èyí tó ń jẹ́ 10.20.0.31 ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó. Èyí tó ń jẹ́ 10.20.0.32 ni àwọn oníkẹ́míìsì ti ń béèrè ọjà tí wọ́n sì ti ń sanwó. Èyí tó ń jẹ́ 10.20.0.33 ló ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa kò ní kọ́kọ́ dí ohunkóhun. Yóò ní kí fáyàwọ́ọ̀lù máa kọ gbogbo ìpè tó ń ti sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síta sílẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òpin oṣù á fi kọjá. Òpin oṣù ṣe pàtàkì, torí ìgbà yẹn ni owó oṣù àti owó orí máa ń jáde. Iṣẹ́ tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni àwọn tó kánjú máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀gá nílò rẹ̀ jù lọ.

Àkọsílẹ̀ yìí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní ti iléeṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, sáfà ìbéèrè ọjà ń pe iléeṣẹ́ tó ń bá wọn gbowó, ó sì ń fi ìwé ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ sáfà méèlì. Èyí dára. Gbogbo wọn ń béèrè aago, wọ́n sì ń wá àtúnṣe sọ́fítíwíà. Èyí náà dára. Ṣùgbọ́n sáfà ìṣirò owó ń pe iléeṣẹ́ kan ní òkèèrè ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ètò ìṣàkóso láti òkèèrè ni ẹni tó wá tún sọ́fítíwíà ṣe lọ́dún tó kọjá fi sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe málíwíà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni. Ẹnì kan sì ń fi sáfà ìwé ìpamọ́ wo fíìmù ní alẹ́. Kí iléeṣẹ́ tó dí ohunkóhun, ó ti kọ́ ohun méjì tí kò mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n máa wá kọ òfin. Òfin náà ni pé ohun tí a kò bá yọ̀ǹda kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn kan máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á kó orúkọ àwọn àdírẹ́sì burúkú jọ, wọ́n á dí wọn, wọ́n á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Èyí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́dún 2020, nítorí kò sí ìwé orúkọ burúkú tí avsvmcloud.com wà nínú rẹ̀ kí FireEye tó sọ̀rọ̀. Lórí ẹ̀rọ Línúọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, apá tó kan àwọn sáfà wa lè rí báyìí:

```
chain forward {
  type filter hook forward priority 0; policy drop;
  ct state established,related accept
  iifname "srv0" ip daddr 10.20.0.53 udp dport 53 accept
  iifname "srv0" ip daddr 10.20.0.53 tcp dport 53 accept
  iifname "srv0" ip daddr 10.20.0.80 tcp dport 3128 accept
  iifname "srv0" log prefix "EGRESS-DROP " drop
}
```

Ìlà tí `policy drop` wà lórí rẹ̀ ló ń sọ pé kí ohun tí a kò dárúkọ ṣubú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìrántí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó ń jẹ́ kí ìdáhùn kọjá. Ibi méjì péré ni àwọn sáfà lè lọ: 10.20.0.53, tó ń dáhùn ìbéèrè orúkọ, àti 10.20.0.80, tó jẹ́ alárinà. Ìlà tó kẹ́yìn ń kọ gbogbo ohun tó ṣubú sílẹ̀. Bí àwọn oníbàárà ṣe ń wọlé sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí mi ò kọ síbí.

Ìdí tí alárinà fi wà ni pé nọ́ńbà ni fáyàwọ́ọ̀lù mọ̀, kò mọ orúkọ. Iléeṣẹ́ tó ń gbowó lè yí nọ́ńbà rẹ̀ padà lónìí láìsọ fún ọ, nọ́ńbà kan náà sì lè jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí kò mọ ara wọn. Alárinà mọ orúkọ. Sáfà á sọ fún un pé ibi báyìí ni mo fẹ́ lọ, òun á sì wò ó bóyá orúkọ náà wà nínú ìwé. Nínú Squid, tó jẹ́ alárinà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò, ìwé náà kò ju báyìí lọ:

```
acl orders src 10.20.0.32
acl pay dstdomain api.pay.example
http_access allow orders pay
http_access deny all
```

Sáfà ìbéèrè ọjà nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ agbowó, kò sì lè dé ibòmíràn. Sáfà ìṣirò owó kò lè dé ọ̀dọ̀ agbowó rárá, torí kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Bí málíwíà bá tilẹ̀ gbọ́n débi pé ó rí àdírẹ́sì alárinà nínú ètò sáfà, tó sì gbìyànjú láti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, alárinà á béèrè orúkọ ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé tó fara balẹ̀ ti rí ihò tó wà nínú ohun tí a ti kọ yìí. Ìpè àkọ́kọ́ Orion kò gba ọ̀nà wẹ́ẹ̀bù. DNS ló gbà. Fáyàwọ́ọ̀lù wa sì ti yọ̀ǹda kí sáfà béèrè orúkọ lọ́wọ́ 10.20.0.53. Bí ẹ̀rọ yẹn kò bá mọ orúkọ kan, yóò fi òtítọ́ inú lọ bi àwọn DNS ìta léèrè, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn amí. Málíwíà kò gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rán ti dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lára àwọn tí a ń sọ yìí nìyẹn: orúkọ nẹ́tíwọ̀kì wọn jáde, ìdáhùn padà wá, ìpè kejì ló wá kú sẹ́nu ọ̀nà. Olè mọ̀ wọ́n, ó tilẹ̀ lè ti yàn wọ́n, ṣùgbọ́n kò rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Ó ṣeé dí pẹ̀lú, àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nígbà tí sáfà bá ń gba ọ̀dọ̀ alárinà, alárinà ló máa ń wá nọ́ńbà orúkọ ìta. Sáfà fúnra rẹ̀ kò nílò láti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, DNS tó ń dá àwọn sáfà lóhùn lè jẹ́ èyí tó mọ orúkọ inú ilé nìkan, tó máa ń sọ fún ìyókù pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, málíwíà Orion ì bá béèrè api.solarwinds.com, wọn ì bá sọ fún un pé kò sí, avsvmcloud.com kò sì ní gbọ́ orúkọ iléeṣẹ́ náà láéláé.

Àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ kò farasin fún ẹni tó bá ń ṣe é. Èkíní ni IPv6. Ẹnì kan á ti dí gbogbo ọ̀nà IPv4 pátápátá, kò sì ní rántí pé sáfà ní àdírẹ́sì kejì tó gùn, tí ìpè ń gbà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì wọ́pọ̀ jù lọ. Iṣẹ́ kan á dúró ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ta sọ́fítíwíà á ní, “Ẹ kàn ṣí pọ́ọ̀tù 443 sí gbogbo ayé ná, ká fi mọ̀ bóyá fáyàwọ́ọ̀lù ni.” Wọ́n á ṣí i, iṣẹ́ á lọ, kò sì sẹ́ni tó máa padà wá tì í. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣí i àti ọjọ́ tó máa tì síwájú òfin náà gan-an, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ọjà pé kó kọ orúkọ àwọn ibi tí ọjà rẹ̀ ń pè sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ta ọjà tí kò lè sọ ibi tí ọjà rẹ̀ ń pè ti sọ nǹkan kan fún yín nípa ọjà náà.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan máa ń kọ òfin sórí sáfà fúnra rẹ̀ nìkan. Ó dára kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n málíwíà tó bá ti di ọ̀gá lórí sáfà lè pa òfin ibẹ̀ rẹ́. Orí ẹ̀rọ mìíràn, tí sáfà kò lè pàṣẹ fún, ni ìdènà gidi gbọ́dọ̀ wà.

Èrè mìíràn tún wà nínú ìdènà yìí, mo sì rò pé òun ló wúlò jù fún ẹni tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ̀ǹda gbogbo ohun tí iṣẹ́ nílò, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣubú máa ń dákẹ́. Nígbà tí ìlà kan bá wá yọ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó tó ká dìde:

```
EGRESS-DROP IN=srv0 OUT=wan0 SRC=10.20.0.31 DST=203.0.113.77 PROTO=TCP DPT=443
```

Sáfà ìṣirò owó ni, 10.20.0.31. Kò lọ sọ́dọ̀ alárinà, ó fẹ́ pe nọ́ńbà ìta kan tààrà, láìbéèrè orúkọ kankan. Ẹ wo aago rẹ̀. Bí ìlà kan náà bá tún yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó tún yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ní ọ̀gànjọ́ òru bí ọ̀sán, ẹ̀rọ ló ń pè, kì í ṣe ènìyàn. Àyípadà ìṣẹ́jú kan síwájú sẹ́yìn yẹn kò gbọ́dọ̀ tàn wá jẹ, torí àwọn tó ń kọ málíwíà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i kí ìpè wọn má baà dà bí agogo. Kò túmọ̀ sí pé olè ni dandan. Ó lè jẹ́ sọ́fítíwíà tuntun kan tí a kò kọ sínú ìwé. Ẹ wọ orí sáfà, ẹ wo ètò tó ń ṣe ìpè náà, àti ìgbà tí fáìlì rẹ̀ dé. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ yọ sáfà náà kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹ má pa á, nítorí ẹ̀rí tó wà nínú iyè rẹ̀ á lọ tí iná bá kú.

Ìdènà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìwé ìyọ̀ǹda bá ní orúkọ tó gbòòrò jù, bíi gbogbo ibi tó parí sí amazonaws.com, olè náà lè lọ gba ààyè tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan náà, kó sì máa kó ẹrù gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ ṣí fún un. Ẹ kọ orúkọ náà tán pátápátá, tàbí kí ẹ má kọ ọ́. Bákan náà, bí sáfà kò bá lè pe ìta ṣùgbọ́n tó lè pe kọ̀ǹpútà akọ̀wé tó ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wù ú, málíwíà lè fi ti akọ̀wé ṣe afárá. Nítorí náà, ààlà gbọ́dọ̀ wà láàárín yàrá sáfà àti yàrá òṣìṣẹ́ náà. Málíwíà tó jẹ́ pé ó kàn wá ba fáìlì jẹ́ ni kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn.

Ìdènà kì í sì í yọ málíwíà kúrò. Ọjọ́ tí FireEye sọ̀rọ̀ gan-an ni CISA pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn sáfà Orion tí ọ̀rọ̀ náà kàn kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì tàbí kí wọ́n pa wọ́n, ìbáà jẹ́ pé ìpè jáde tàbí kò jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín wọn. Àwọn tí wọ́n rí ìbéèrè avsvmcloud.com nínú àkọsílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ìpè kejì, ni wọ́n ní kí wọ́n tún Orion gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn tí ìpè kejì ti jáde lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n gbà pé wọ́n ti jí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, kí wọ́n sì tún gbogbo ètò tó ń mọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kọ́ láti ìpìlẹ̀. Kí wọ́n tó lè mọ apá tí wọ́n wà, àkọsílẹ̀ ni wọ́n ní láti ṣí, iléeṣẹ́ tí kò bá sì ti ń kọ ìpè tó ń jáde sílẹ̀ kò ní ohun tó máa ṣí.